Etí Ibi Ìgbọ́kọ̀sí Tí Kò Ní Yẹ̀: Bí A Ṣe Ń To Kẹ́ẹ̀bù àti Búlọ́ọ̀kù Ọ̀nà Omi Sórí Kọnkéré

Ibi ìgbọ́kọ̀sí tí wọ́n fi íntálọ́ọ̀kù ṣe kì í sábà bàjẹ́ láti àárín. Etí ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ẹ̀bù, ìyẹn búlọ́ọ̀kù gígùn tí a fi ń di etí mú, á yẹ̀ síta, íntálọ́ọ̀kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á rì, omi á dúró níbẹ̀, iyanrìn abẹ́ rẹ̀ á sì máa bá omi lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ni ilé á pe bíríkìlà kí ó wá tún íntálọ́ọ̀kù tò. Bíríkìlà á tún un tò, òjò tó tẹ̀lé e á sì tún gbé e lọ, nítorí íntálọ́ọ̀kù kọ́ ni ó ní ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó wà ní etí, àti ohun tó wà lábẹ́ etí náà, ni kò dára.

Iṣẹ́ tí a máa fi ṣe àpẹẹrẹ nìyí: ibi ìgbọ́kọ̀sí kan nínú ọgbà ní Àsẹ́rò, ní Abẹ́òkúta, tí ilẹ̀ rẹ̀ dà sí ìsàlẹ̀ sí ọ̀nà gọ́tà. Etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gùn ní mítà 27. Gbogbo omi ọgbà náà ń ṣàn wá sí etí yìí, nítorí náà kẹ́ẹ̀bù nìkan kò tó. A ní láti to búlọ́ọ̀kù ọ̀nà omi sí iwájú kẹ́ẹ̀bù, kí omi lè gba orí rẹ̀ lọ bọ́ sí gọ́tà. Mọ́tò kékeré ni yóò máa wọ ibẹ̀. Tí ọkọ̀ akẹ́rù bá máa wọlé, kọnkéré tí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò nípọn tó.

Ohun tí ẹ máa nílò

Kẹ́ẹ̀bù tí a lò nínú àpẹẹrẹ yìí gùn ní mìlímítà 900, ó ga ní 250, ó sì nípọn ní 125. Búlọ́ọ̀kù ọ̀nà omi náà gùn ní 900, ó fẹ̀ ní 250, ó nípọn ní 125. Àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní oríṣiríṣi móòdù, nítorí náà ẹ fi téèpù wọn tiyín kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun. Tí gíga tàbí nínípọn bá yàtọ̀, àwọn òǹkà ìsàlẹ̀ yìí á yí padà, ọgbọ́n rẹ̀ kò ní yí.

- Kẹ́ẹ̀bù 30 àti búlọ́ọ̀kù ọ̀nà omi 30, pẹ̀lú méjì méjì lé e fún èyí tó bá fọ́.
- Sìmẹ́ńtì àpò 26: 23 fún kọnkéré, 3 fún mọ́tà.
- Iyanrìn odò tó le, tí kò ní ẹrẹ̀ nínú, nǹkan bíi kúbíìkì mítà 2.
- Òkúta gíránáìtì tí kò ju mìlímítà 20 lọ, kúbíìkì mítà 3 àti díẹ̀, èyí tó ń lọ sí bíi tọ́ọ̀nù 5.
- Èèkàn irin tàbí igi 10, okùn bíríkìlà, rọ́bà lẹ́fẹ́ẹ̀lì tó gùn tí a ń rọ omi sí, lẹ́fẹ́ẹ̀lì ọwọ́, igi réńjì tó gùn ní mítà 3, hámà onírọ́bà, ráamà ọwọ́, pákó fún etí kọnkéré, tàpólì.
- Páìpù rọ́bà tó fẹ̀ ní mìlímítà 50, mítà kan.
- Àpótí òṣùwọ̀n onígi kan tí inú rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 35, tó fẹ̀ ní 33, tó jìn ní 30.

Ẹ má fojú kéré àpótí yẹn. Ó gba nǹkan bíi lítà 35, èyí tó dọ́gba pẹ̀lú sìmẹ́ńtì àpò kan tó wọn kílò 50. Bárò kì í dọ́gba, ṣọ́bìrì kò sì ní òṣùwọ̀n rárá. Ẹni tó bá ń fi ṣọ́bìrì ka kọnkéré, tó bá fi di ọ̀sán tí ó ti rẹ àwọn ọmọ iṣẹ́, òkúta á ti pọ̀ sí i, sìmẹ́ńtì á ti dín kù, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ títí kẹ́ẹ̀bù fi máa yẹ̀.

Kí ẹ tó san owó kẹ́ẹ̀bù, ẹ mú méjì, ẹ fi wọ́n kan ara wọn. Èyí tó ti gan dáadáa á dún kọ̀ọ̀rọ̀ bí òkúta. Èyí tí kò tíì gan á dún pọ̀ọ̀. Ẹ fi ìṣó fa ìlà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: tí ó bá ń yọ eruku bí ìgbà tí èèyàn ń ha ṣọ́ọ̀kì, ẹ fi í sílẹ̀. Sítónì dọ́ọ̀sì ló pọ̀ nínú irú èyí, tàbí kí wọ́n ti kó o wá sí ojú ọjà kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ṣe é.

Okùn kan ni ó ń darí gbogbo rẹ̀

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń dàrú ni pé olúkúlùkù ń wọn tirẹ̀ láti ibòmíràn. Ẹni tó gbẹ́ kòtò wọn láti orí ilẹ̀, ẹni tó da kọnkéré wọn láti ìsàlẹ̀ kòtò, ẹni tó to íntálọ́ọ̀kù sì fi ojú wò ó. Ilẹ̀ Abẹ́òkúta kì í dọ́gba. Ibi kan ga, ibi kejì rì. Nítorí náà, a ó ta okùn kan ṣoṣo sí ibi tí orí kẹ́ẹ̀bù máa wà, gbogbo nǹkan ni a ó sì máa wọn láti ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ní mìlímítà:

- Orí kọnkéré ẹ̀yìn kẹ́ẹ̀bù: 75
- Ojú íntálọ́ọ̀kù lẹ́yìn tí a bá ti kì í tán: 120
- Ojú búlọ́ọ̀kù ọ̀nà omi: 125
- Ìsàlẹ̀ iyanrìn abẹ́ íntálọ́ọ̀kù: 230
- Ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀bù àti ti búlọ́ọ̀kù ọ̀nà omi: 250
- Ojú kọnkéré ìsàlẹ̀: 270
- Ìsàlẹ̀ kòtò: 420

Ẹ kọ ọ́ sára pákó kan, kí ẹ fi pákó náà sí ẹnu iṣẹ́. Íntálọ́ọ̀kù tí a ṣírò nípọn ní mìlímítà 80, iyanrìn abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 30 lẹ́yìn tí a bá ti kì í. Ẹ wo 230 àti 270 dáadáa. Àlàfo 40 tó wà láàárín wọn ni gbogbo àyè tí kọnkéré ní ní iwájú búlọ́ọ̀kù ọ̀nà omi. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé àyè yẹn kéré ni yóò kó kọnkéré gorí ibi tí íntálọ́ọ̀kù yẹ kí ó jókòó sí. A máa padà dé ibẹ̀.

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí omi ń bọ́ sí

Ọ̀pọ̀ bíríkìlà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì, nítorí ibẹ̀ ni ojú ń rí. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé òpin, búlọ́ọ̀kù ọ̀nà omi ti rẹlẹ̀ ju gọ́tà lọ, kò sì sí omi tó ń ṣàn gòkè. Gọ́tà ti wà nílẹ̀, a kò sì lè gbé e. Nítorí náà, òun ni yóò pinnu.

Ẹ lọ sí ẹnu gọ́tà. Ẹ jẹ́ kí ojú búlọ́ọ̀kù tó kẹ́yìn ga ju ibi tí omi gọ́tà máa ń dé nígbà òjò ńlá lọ. Ìlà ẹrẹ̀ tó wà lára ògiri gọ́tà ni yóò fi ibẹ̀ hàn yín. Ẹ kan èèkàn àkọ́kọ́ níbẹ̀, kí okùn rẹ̀ fi mìlímítà 125 ga ju ojú búlọ́ọ̀kù yẹn lọ.

Láti ibẹ̀, ẹ máa kan èèkàn ní mítà mẹ́ta mẹ́ta lọ sí òkè. Ìdagẹ̀rẹ̀ tó tó fún omi ni mítà kan nínú mítà 150. Nínú mítà 27 tiwa, òkè á fi mìlímítà 180 ga ju ìsàlẹ̀ lọ: 20 láti èèkàn kan dé èkejì, 6 lórí kẹ́ẹ̀bù kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà lẹ́fẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ fi mú un, kì í ṣe lẹ́fẹ́ẹ̀lì ọwọ́. Mìlímítà 6 lórí kẹ́ẹ̀bù kan kéré jù fún afẹ́fẹ́ inú lẹ́fẹ́ẹ̀lì kékeré láti sọ òótọ́. Kí ẹ tó ka rọ́bà, ẹ wò ó pé kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ilẹ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ dà sí ọ̀nà búlọ́ọ̀kù yìí pẹ̀lú mìlímítà 25 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Tí ọgbà bá fẹ̀ ní mítà 10, òkè rẹ̀ á fi 250 ga ju etí lọ. Ẹ lọ wo ẹnu ọ̀nà ilé báyìí, kí òkè yẹn má bàa ga ju àtẹ̀wọlé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ dúró ní òpin okùn, ẹ di ojú kan, kí ẹ fi èkejì wò ó lọ. Okùn gbọ́dọ̀ lọ ní ìlà kan láìsí ikùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi rọ́bà wọn èèkàn àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn nìkan. Tí ìyàtọ̀ wọn kò bá jẹ́ 180, àṣìṣe kékeré kékeré ti kó jọ ní àárín. Ẹ tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó gbé díígà.

2. Kòtò

Kòtò fẹ̀ ní mìlímítà 600. Ẹ rí bí a ṣe pín in: 75 ní iwájú, 250 fún búlọ́ọ̀kù ọ̀nà omi, 125 fún kẹ́ẹ̀bù, 150 fún kọnkéré ẹ̀yìn. Ẹ gbẹ́ ẹ títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi máa jìnnà sí okùn ní 420, kí ẹ fi ráamà kì í títí kò fi ní gba ipa gìgísẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá gbẹ́ ẹ jù, ẹ má fi ilẹ̀ rírọ̀ dí i padà. Kọnkéré ni kí ẹ fi dí i.

Ní Abẹ́òkúta, ohun méjì ni ẹ lè bá pàdé nínú kòtò kan náà. Ibi kan á jẹ́ ilẹ̀ pupa tàbí amọ̀ rírọ̀, mítà díẹ̀ sí i ẹ ó kan àpáta. Àwọn èèyàn máa ń fi àpáta sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n á da kọnkéré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ rírọ̀ bá rì díẹ̀, àpáta kò ní rì, kọnkéré á sì là ní ibi tí méjèèjì ti pàdé gan-an. Ẹ gbẹ́ àpáta náà kúrò tó bá ṣeé ṣe. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fọ ojú rẹ̀ mọ́, ẹ ha á kí ó le, kí ẹ sì fi ojú ìyapa, ìyẹn àlàfo tó pín kọnkéré sí méjì, sí ibi tí ó ti pàdé ilẹ̀, ní ìbámu pẹ̀lú ìpàdé kẹ́ẹ̀bù méjì. Kọnkéré á ṣì là bó bá fẹ́ là, ṣùgbọ́n yóò là ní ibi tí a ti sọ fún un.

Amọ̀ rírọ̀ tó ń yọ omi, ẹ gbé e kúrò. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ilẹ̀ pupa dí i, kí ẹ kì í ní ìpele ìpele.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fi irin tín-ín-rín gún ìsàlẹ̀ kòtò ní ẹsẹ̀ ẹsẹ̀. Kò yẹ kí ó wọlé ju bí orí àtàǹpàkò lọ. Ẹ wọn 420 lábẹ́ okùn ní gbogbo èèkàn, kì í ṣe ní ibi méjì péré.

3. Kọnkéré ìsàlẹ̀

Sìmẹ́ńtì àpò kan, iyanrìn àpótí 2, òkúta àpótí 4. Omi ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lítà 20 fún àpò kan, ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un, kí ẹ má ju 27 lọ. Tí òjò bá ti lu iyanrìn, yóò gba omi tó kéré sí i. Àwọn ọmọ iṣẹ́ fẹ́ràn kọnkéré tó ń ṣàn nítorí ó rọrùn láti tẹ́, ṣùgbọ́n omi tó pọ̀ jù yẹn ló ń fi ihò sílẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tó bá gbẹ. Ẹ fi ọwọ́ fún un: kí ó di ìṣù lọ́wọ́, kí omi má kán jáde láàárín ìka yín.

Ẹ fi pákó sí ẹ̀gbẹ́ kòtò níbi tí ilẹ̀ bá ti ń ya. Ẹ fi omi wọ́n ìsàlẹ̀ kòtò kí ilẹ̀ gbígbẹ má bàa mu omi kọnkéré, ṣùgbọ́n kí omi má dúró níbẹ̀. Ẹ da kọnkéré nípọn 150, kí ojú rẹ̀ jìnnà sí okùn ní 270. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì àti pákó gún un kí afẹ́fẹ́ jáde.

Ní mítà 9 àti mítà 18, ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí fóòmù tó nípọn ní mìlímítà 10 dí kọnkéré láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mítà 9 jẹ́ kẹ́ẹ̀bù 10, nítorí náà ojú ìyapa á bọ́ sí ìpàdé kẹ́ẹ̀bù méjì. Tí ó bá bọ́ sí àárín kẹ́ẹ̀bù, kẹ́ẹ̀bù yẹn ló máa là. Ìpàdé kọ̀ọ̀kan máa ń jẹ mìlímítà díẹ̀, fóòmù náà sì gba àyè tirẹ̀, nítorí náà ẹ to kẹ́ẹ̀bù 10 sórí ilẹ̀ gbígbẹ kí ẹ wọn ibi tó parí sí gan-an, kí ẹ tó fi fóòmù sílẹ̀.

Ní ẹnu gọ́tà, ẹ fi páìpù rọ́bà yẹn sí abẹ́ kọnkéré, láti iwájú, níbi tí sítónì béèsì, òkúta tí a máa kì sábẹ́ iyanrìn íntálọ́ọ̀kù, máa wà, jáde sí gọ́tà. Ẹ fi aṣọ tí omi ń là kọjá tí iyanrìn kì í là kọjá di ẹnu rẹ̀ tó wà nínú. Omi òjò máa ń gba àárín íntálọ́ọ̀kù wọ inú iyanrìn. Ilẹ̀ pupa tí a ti kì kì í jẹ́ kí ó lọ sísàlẹ̀ kíákíá, kọnkéré wa sì ti dí i lọ́nà. Tí kò bá rí ibi jáde, yóò dúró sábẹ́ íntálọ́ọ̀kù etí, iyanrìn á di ẹrẹ̀, táyà á sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde.

Kí kọnkéré tó gan, ẹ fi ìgbálẹ̀ líle ha ojú rẹ̀. Ẹ má dán an. Ojú dídán kò ní gba mọ́tà ọ̀la mú.

Lákòókò òjò, kòtò yìí ni yóò di ọ̀nà àgbàrá gbogbo ọgbà. Ẹ gbẹ́ ọ̀nà omi kékeré sí òkè rẹ̀ láti darí omi gba ibòmíràn, kí tàpólì sì wà nítòsí. Lákòókò ọyẹ́, wàhálà rẹ̀ yàtọ̀: afẹ́fẹ́ gbígbẹ á fa omi jáde kíákíá, nítorí náà ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò ó láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ wọn 270 lábẹ́ okùn lórí gbogbo mítà. Láàárín 265 sí 275 dára, mọ́tà á tún un ṣe. Ibi tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbẹ́ ẹ kúrò báyìí. Tí ẹ bá fi sílẹ̀, kẹ́ẹ̀bù á yọrí, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi hámà na ohun tí kò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́.

4. Kẹ́ẹ̀bù

Ẹ po mọ́tà: sìmẹ́ńtì 1, iyanrìn 3, kí ó le díẹ̀ kí kẹ́ẹ̀bù má bàa rì sínú rẹ̀. Ẹ fi omi wọ́n kọnkéré ìsàlẹ̀ àti ìdí kẹ́ẹ̀bù, kí ẹ tẹ́ mọ́tà tó nípọn bíi 25 fún kẹ́ẹ̀bù kan tàbí méjì péré. Tí ẹ bá tẹ́ ẹ fún mẹ́wàá, ti ìparí á ti gbẹ kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Kẹ́ẹ̀bù wúwo. Èèyàn méjì ni kí ó gbé e, kí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ tààrà, kí wọ́n má fà á lórí mọ́tà. Ẹ fi hámà onírọ́bà lù ú títí 25 yẹn fi máa di 20, tí orí rẹ̀ á fi kan okùn láìtì í. Bí kẹ́ẹ̀bù bá ti ń ti okùn síta, èyí tó tẹ̀lé e á tẹ̀lé àṣìṣe náà, ìlà á sì máa tẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Ẹ fi àlàfo mìlímítà 3 sí àárín kẹ́ẹ̀bù kan àti èkejì. Mo fara mọ́ kí ẹ fi í sílẹ̀ láìdí. Mọ́tà tín-ín-rín tí wọ́n ń fi dí i kì í pẹ́ kí ó tó já bọ́, nígbà tí oòrùn bá sì mú kí kẹ́ẹ̀bù wú, òun ló ń ti etí rẹ̀ fọ́. Ní ojú ìyapa, ẹ fi fóòmù 10 yẹn sí àárín kẹ́ẹ̀bù náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Níbi tí ó bá yẹ kí a gé kẹ́ẹ̀bù, ẹ fi ẹ̀rọ ìgé gé e, ẹ má fi hámà fọ́ ọ. Ẹ má lo èyí tó kéré ju 300 lọ. Tí ó bá jẹ́ pé 150 ló ṣẹ́kù, ẹ gé méjì ní 525 dípò kan ní 150, nítorí kékeré yẹn ni táyà máa kọ́kọ́ yọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ gbé igi réńjì sórí kẹ́ẹ̀bù mẹ́ta. Àlàfo abẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 3 lọ. Ẹ fi hámà kan orí kọ̀ọ̀kan: tí ó bá dún bí ohun tó ṣófo, mọ́tà kò kún abẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e, ẹ tún un tẹ́.

5. Kọnkéré ẹ̀yìn, ní ọjọ́ kan náà

Ibí ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́. Wọ́n á to kẹ́ẹ̀bù tán, wọ́n á fi ilẹ̀ dí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á sì lọ sílé. Mọ́tà 20 tó wà lábẹ́ kì í di kẹ́ẹ̀bù mú sí ẹ̀gbẹ́. Ó kàn ń gbé e ni. Nígbà tí dírẹ́bà bá ń yí ọwọ́ ọkọ̀, táyà ń ti íntálọ́ọ̀kù síta, íntálọ́ọ̀kù ń ti búlọ́ọ̀kù, búlọ́ọ̀kù ń ti kẹ́ẹ̀bù. Kọnkéré ẹ̀yìn nìkan ni ó ń sọ pé ó tó. Ilẹ̀ tí òjò ti rọ̀ kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ lo kọnkéré oní-1-2-4 kan náà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn 150 lẹ́yìn kẹ́ẹ̀bù, kí ó gòkè títí yóò fi ku 75 kí ó dé okùn, kí orí rẹ̀ dà sẹ́yìn kí omi má dúró lé e. Mìlímítà 75 yẹn ni ilẹ̀ tàbí koríko máa bò. Ẹ gún un mọ́ ara kẹ́ẹ̀bù. Kí ẹnì kan fi ọwọ́ di iwájú kẹ́ẹ̀bù mú, kí gígún náà má bàa tì í kúrò lórí okùn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Kí ẹ tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ tún fi ojú kan wo ìlà náà. Ẹ ṣì lè fi hámà tún un ṣe báyìí, ṣùgbọ́n lọ́la ó ti bọ́.

6. Búlọ́ọ̀kù ọ̀nà omi

Ní ọjọ́ kejì, ẹ to búlọ́ọ̀kù sórí mọ́tà 20 kan náà. Nítorí pé 125 ni nínípọn rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì jìnnà sí okùn ní 125, ìdí rẹ̀ á bọ́ sí 250 gan-an bíi ti kẹ́ẹ̀bù. Ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ dà díẹ̀ sí ọ̀nà kẹ́ẹ̀bù, mìlímítà 5 tó, kí omi kékeré má bàa rìn ní etí íntálọ́ọ̀kù.

Ìpàdé tirẹ̀ ni kí ẹ dí, yàtọ̀ sí ti kẹ́ẹ̀bù, nítorí omi ń gba orí rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ẹ fi mọ́tà 1 sí 3 dí i, kí ó má yọrí. Mọ́tà tó yọrí mìlímítà 2 tó láti dá omi dúró nígbà tí ìdagẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ 6 lórí búlọ́ọ̀kù kan. Ní ojú ìyapa, ẹ má fi mọ́tà dí i. Fóòmù ni kí ó wà níbẹ̀.

Ó wá ku iwájú. Ẹ ní ààyè 75 kọnkéré ìsàlẹ̀ tó yọ síwájú búlọ́ọ̀kù. Àwọn èèyàn máa ń fẹ́ kó kọnkéré sókè sára búlọ́ọ̀kù níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe ní ẹ̀yìn kẹ́ẹ̀bù. Ẹ rántí 230. Kọnkéré iwájú kò gbọ́dọ̀ ga ju mìlímítà 35 lọ lórí kọnkéré ìsàlẹ̀, ìyẹn 235 sí okùn. Tí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀, ìlà íntálọ́ọ̀kù tó kẹ́yìn á jókòó sórí kọnkéré láìsí iyanrìn lábẹ́ rẹ̀, nígbà tí èyí tó tẹ̀lé e wà lórí iyanrìn. Èyí tó wà lórí iyanrìn á rì díẹ̀, ti orí kọnkéré kò ní rì. Nǹkan bí oṣù díẹ̀, ẹ ó rí ìlà íntálọ́ọ̀kù kan tó yọrí bí ehín ní gbogbo etí, tí ó ń mì, tí àwọn kan ti là sí méjì. Bí ẹ bá rí irú èyí lórí iṣẹ́ ẹlòmíràn, ẹ yọ íntálọ́ọ̀kù kan, ẹ ó bá kọnkéré lábẹ́ rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ gbé íntálọ́ọ̀kù kan sí ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù, kí ẹ fi igi tó nípọn ní mìlímítà 30 sí abẹ́ rẹ̀ dípò iyanrìn. Ẹ ṣe é ní ibi mẹ́wàá. Níbi tí ojú rẹ̀ bá ti ga ju ojú búlọ́ọ̀kù lọ, kọnkéré iwájú ti ga jù. Ẹ gbẹ́ ẹ kúrò nígbà tí kò tíì gan tán. Lẹ́yìn náà, ẹ da gárawà omi kan sí òkè etí. Kí omi rìn dé gọ́tà. Ibi tí ó bá dúró tí ó jìn ju mìlímítà 3 lọ, búlọ́ọ̀kù ibẹ̀ rẹlẹ̀ jù.

7. Kí íntálọ́ọ̀kù tó dé

Ẹ máa fi omi wọ́n gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 7, kí náílọ́ọ̀nù tàbí àpò tútù bò ó. Kí ọkọ̀ kankan má gun ún. Lẹ́yìn ọjọ́ 7 yìí ni ẹ tó lè tẹ́ sítónì béèsì sí iwájú kọnkéré, kí ẹ kì í ní ìpele tí kò ju 75 lọ, kí ojú rẹ̀ parí sí 230 lábẹ́ okùn. Ẹ má jẹ́ kí rólà ńlá sún mọ́ etí; ẹ̀rọ kékeré tàbí ráamà ọwọ́ ni kí ẹ lò ní mítà tó kẹ́yìn. Bí sítónì béèsì kò bá kì níbi etí yìí, etí á rì bí kọnkéré tilẹ̀ dára.

Nígbà tí ẹ bá ń to íntálọ́ọ̀kù, ẹ jẹ́ kí ó ga ju ojú búlọ́ọ̀kù lọ ní 12 sí 15 kí ẹ tó kì í, nítorí iyanrìn á fún pọ̀. Lẹ́yìn kíkì, kí ó ku nǹkan bíi 5. Àwọn kan fẹ́ kí méjèèjì dọ́gba nítorí ẹwà. Ṣùgbọ́n íntálọ́ọ̀kù á ṣì rì díẹ̀ sí i lábẹ́ ọkọ̀, búlọ́ọ̀kù kò ní rì, etí tó dọ́gba lónìí á sì di ibi tí omi ń dúró sí ní ọdún tó ń bọ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ dúró de òjò ńlá àkọ́kọ́, tàbí kí ẹ fi rọ́bà omi da omi sí òkè ọgbà fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ wo ẹnu páìpù 50 tó wà ní gọ́tà. Tí omi mímọ́ bá ń kán níbẹ̀ lẹ́yìn tí ojú ilẹ̀ ti gbẹ, ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Tí omi náà bá gbé iyanrìn wá, aṣọ ẹnu páìpù ti ya tàbí kò bò ó dáadáa, ẹ sì gbọ́dọ̀ yọ íntálọ́ọ̀kù igun yẹn kí ẹ tún un ṣe kí ihò tó ṣí lábẹ́ rẹ̀.